Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ nọ́ńbà lórí WhatsApp: ohun tó ń bá yín lọ àti ohun tí kì í bá yín lọ

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé báwọn bá ti ki síìmù tuntun bọ fóònù, WhatsApp á bá síìmù náà lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ forúkọ sílẹ̀ nìkan ni WhatsApp fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yín láti mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Lẹ́yìn ìyẹn, kì í wo síìmù tó wà nínú fóònù mọ́. Ẹ lè yọ síìmù yẹn kúrò, kí ẹ ki òmíràn bọ̀ ọ́, kí ẹ sì máa fi nọ́ńbà àtijọ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ lórí WhatsApp. Àfi bí ẹ̀yin fúnra yín bá lọ yí i padà ni yóò tó yí padà.

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ẹni tó rí i pé nọ́ńbà àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ á pa WhatsApp rẹ́ lórí fóònù, á tún gbé e sórí rẹ̀, á wá fi nọ́ńbà tuntun forúkọ sílẹ̀. Àkáǹtì tuntun pátápátá ló ṣí yẹn. Kò sí gúrúùpù kankan nínú rẹ̀, kò sí ètò kankan tó ti ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ̀dà ìpamọ́ àwọn ìtàkùrọ̀sọ rẹ̀ kò sì ní ṣí fún un, nítorí nọ́ńbà tí wọ́n fi ṣe ẹ̀dà náà ló so mọ́. Ní gbogbo àkókò yìí, àkáǹtì àtijọ́ ṣì jókòó sábẹ́ nọ́ńbà àtijọ́, àwọn èèyàn sì ń kọ̀wé sí i láìmọ̀ pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Ọ̀nà tó tọ́ ni èyí tí WhatsApp pè ní Change number. Ó máa ń gbé àkáǹtì yín látorí nọ́ńbà kan sórí òmíràn láìtú u ká. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ohun tó wà lórí fóònù tiyín nìkan ni ẹ láṣẹ lé. Nọ́ńbà yín tó wà lórí fóònù àwọn ẹlòmíràn ńkọ́? Àwọn ló máa fọwọ́ ara wọn yí i padà, bí wọ́n bá fẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìtàkùrọ̀sọ fi sábà máa ń wà ní pípé, tó sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn ojúlùmọ̀ ni nǹkan ti ń dà rú.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan Change number

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí nọ́ńbà àwọn èèyàn yín wà. Orúkọ tí ẹ ń rí lórí WhatsApp, inú ìwé nọ́ńbà fóònù yín ni ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ ti ń wá. Bí ó bá jẹ́ pé orí síìmù àtijọ́ ni ẹ pa àwọn nọ́ńbà kan mọ́ sí, ọjọ́ tí ẹ bá yọ síìmù yẹn ni orúkọ wọn máa kúrò. Ẹ óò ṣí WhatsApp, ẹ óò rí i pé ibi tí wọ́n ti kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n yín tẹ́lẹ̀ ti di òǹkà nọ́ńbà lásán. Àyà lè já yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ kò lọ ibì kankan. Orúkọ ló sọnù, ìtàkùrọ̀sọ ṣì wà lábẹ́ nọ́ńbà yẹn.

Kó má baà rí bẹ́ẹ̀, ẹ kó wọn kúrò lórí síìmù nígbà tó ṣì wà nínú fóònù. Lórí Android, ẹ ṣí Contacts, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Import sí, kí ẹ sì yan síìmù gẹ́gẹ́ bí ibi tí ẹ ti fẹ́ kó wọn. Ibi tó wà kì í bára mu lórí gbogbo fóònù. Bí fóònù bá bi yín pé ibo ni kó kó wọn sí, ẹ yan àkáǹtì Google yín, kì í ṣe orí fóònù nìkan, kí wọ́n lè tẹ̀ lé yín bí ẹ bá pààrọ̀ fóònù náà lọ́jọ́ iwájú. iPhone kì í pa nọ́ńbà mọ́ sórí síìmù, ṣùgbọ́n bí síìmù yín bá ti inú fóònù mìíràn wá, ẹ lè kó ohun tó wà lórí rẹ̀ wọlé nípa lílo Import SIM Contacts lábẹ́ ètò Contacts nínú Settings.

Èkejì ni gúrúùpù, mo sì fẹ́ kí ẹ ka ibí yìí dáadáa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń pààrọ̀ nọ́ńbà nítorí ẹnì kan tí kò jẹ́ kí ẹ gbádùn. Bí ẹ bá ti yí nọ́ńbà padà, ìfitónilétí á jáde nínú gbogbo gúrúùpù tí ẹ wà pé nọ́ńbà yín ti yí padà. Kò sí ibi tí ẹ ti lè pa ìyẹn. Bí ẹni tí ẹ ń sá fún bá wà nínú ọ̀kan nínú àwọn gúrúùpù náà, ojú rẹ̀ ni nọ́ńbà tuntun yín máa ṣe já sí gbangba. Nítorí náà, gúrúùpù tí ẹ kò bá fẹ́ kó mọ̀, ẹ jáde kúrò níbẹ̀ ṣáájú. Bí ẹ bá jáde lẹ́yìn náà, ó ti bọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣe ẹ̀dà ìpamọ́: Settings, Chats, Chat backup, kí ẹ wá tẹ Back up. Lórí Android, inú àkáǹtì Google yín ló máa lọ. Lórí iPhone, iCloud ni. Bí ẹ bá ti fi ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí kọ́kọ́rọ́ oní-64 òǹkà dáàbò bo ẹ̀dà ìpamọ́ yín nígbà kan, ẹ rí i dájú pé ó ṣì wà lọ́wọ́ yín, torí WhatsApp kò lè bá yín wá a bó bá sọnù.

Èyí tó kẹ́yìn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni èyí tí àwọn èèyàn kì í sábà ṣe, òun ló sì ń gbà wọ́n là jù: ẹ fi nọ́ńbà àtijọ́ sọ fún àwọn èèyàn pàtàkì pé ẹ ń pààrọ̀ nọ́ńbà. Àwọn gbájúẹ̀ ti sọ gbólóhùn náà “nọ́ńbà mi tuntun rèé” di irinṣẹ́, débi pé ẹni tó bá gbọ́n kì í gbà á gbọ́ mọ́ tó bá ti ọ̀dọ̀ nọ́ńbà tí kò mọ̀ wá. Ṣùgbọ́n bó bá ti inú ìtàkùrọ̀sọ tí ẹ ti jọ ń bá bọ̀ wá, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Ẹ pa nọ́ńbà tuntun yín mọ́ sínú ìwé nọ́ńbà fóònù yín bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni, kí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí wọn látinú WhatsApp gẹ́gẹ́ bí Contact. Wọ́n á kàn tẹ̀ ẹ́ ni, á wọ inú ìwé nọ́ńbà tiwọn. Wọn ò ní tẹ òǹkà kan kí wọ́n ṣì í.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

1. Ẹ rí i dájú pé nọ́ńbà tuntun lè gba àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí ìpè. Kò pọn dandan kí síìmù rẹ̀ wà nínú fóònù tí WhatsApp wà. Ó lè wà nínú fóònù mìíràn tó wà nítòsí yín, kí ẹ sáà ti lè rí kóòdù kà.

2. Ẹ ṣí WhatsApp, kí ẹ lọ sí Settings, kí ẹ sì tẹ àwòrán yín lókè. Ẹ óò rí nọ́ńbà tí àkáǹtì náà ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí ẹ bá ní síìmù méjì, ẹ má fojú dí èyí. Nọ́ńbà tí ẹ rò pé ó wà níbẹ̀ lè má jẹ́ òun.

3. Ẹ padà sí Settings, kí ẹ tẹ Account, lẹ́yìn náà Change number. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ, kí ẹ sì tẹ Next.

4. Ẹ kọ nọ́ńbà àtijọ́ sí àpótí òkè, tuntun sí ti ìsàlẹ̀. Ẹ yan orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan dáadáa kí kóòdù rẹ̀ lè wà níwájú. Bí nọ́ńbà yín bá ń fi òdo bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pè é nínú orílẹ̀-èdè yín, ẹ sábà máa ń yọ òdo yẹn kúrò bí kóòdù orílẹ̀-èdè bá ti wà níwájú. Bí WhatsApp bá sọ pé nọ́ńbà àtijọ́ tí ẹ kọ kò bá ti àkáǹtì mu, ibí ni ẹ máa kọ́kọ́ wò.

5. WhatsApp á bi yín bóyá ẹ fẹ́ kí ó fi tó àwọn ojúlùmọ̀ létí. Bí ẹ bá gbà, ẹ lè yan gbogbo àwọn tó wà nínú ìwé nọ́ńbà yín, tàbí àwọn tí ẹ ti bá tàkùrọ̀sọ rí nìkan, tàbí kí ẹ fọwọ́ yín ṣa wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní tèmi, àwọn tí ẹ ti bá sọ̀rọ̀ rí ló dára jù fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìwé nọ́ńbà máa ń kún fún ẹni tó tún iná ṣe lẹ́ẹ̀kan àti ẹni tó ra nǹkan lọ́wọ́ yín ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Kò sídìí tó fi yẹ kí gbogbo wọn mọ nọ́ńbà yín tuntun.

6. Ẹ fi ọwọ́ sí i, kí ẹ dúró de kóòdù òǹkà mẹ́fà lórí nọ́ńbà tuntun, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ẹ má ka kóòdù yẹn sí ẹnikẹ́ni létí, ohun yòówù kí onítọ̀hún sọ pé òun jẹ́.

Ó lè ṣẹlẹ̀ pé WhatsApp á ní kí ẹ tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ oní-òǹkà-mẹ́fà tí ẹ̀yin kò fi síbẹ̀ rí. Ẹni tó lo nọ́ńbà yẹn ṣáájú yín ló sábà máa ń jẹ́ pé ó fi í sílẹ̀, torí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù máa ń ta nọ́ńbà tí ẹnì kan ti pa tì fún ẹlòmíràn. Ọjọ́ 7 ni WhatsApp máa ń ní kí èèyàn fi dúró kó tó lè wọlé láìsí i. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ti òǹkà bọ̀ ọ́ lóríṣiríṣi.

Ohun tí ẹ óò bá lórí fóònù tiyín

Ọ̀rọ̀ ibí kò pọ̀. Gbogbo ìtàkùrọ̀sọ yín wà níbi tí wọ́n wà, àwòrán àti ohùn inú wọn náà wà níbẹ̀, ẹ ṣì wà nínú gúrúùpù yín, orúkọ àti àwòrán yín kò yí padà. Inú fóònù ni ìtàkùrọ̀sọ wà, nọ́ńbà kọ́ ló gbé e. Ẹ lọ wo Linked devices, tó wà lábẹ́ àmì onítótó mẹ́ta lókè lórí Android, tàbí nínú Settings lórí iPhone. Bí kọ̀ǹpútà tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ bá ti já, ẹ tún un so.

Ohun kan ló kù tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe lọ́jọ́ náà gan-an: ẹ tún ẹ̀dà ìpamọ́ mìíràn ṣe. Èyí tí ẹ ṣe tẹ́lẹ̀ so mọ́ nọ́ńbà àtijọ́. Bí fóònù yín bá bọ́ sómi ní ọ̀la tí ẹ sì fi nọ́ńbà tuntun forúkọ sílẹ̀ lórí òmíràn, nọ́ńbà tuntun ni WhatsApp máa fi wá ẹ̀dà ìpamọ́ yín.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí fóònù àwọn ẹlòmíràn

Ẹni tí ẹ fi tó létí á rí ìlà kékeré kan nínú ìtàkùrọ̀sọ yín pé ẹ ti pààrọ̀ nọ́ńbà, á sì lè tẹ̀ ẹ́ láti kọ̀wé sí tuntun tàbí kó pa á mọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lábẹ́ nọ́ńbà àtijọ́. Bí ẹ bá wá kọ̀wé sí i, ojú ìwé tuntun ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa bọ́ sí lórí fóònù rẹ̀. Nítorí náà, lójú tiyín ìtàkùrọ̀sọ náà ń lọ geere, lójú tirẹ̀ ó ti di méjì. Bí ó bá sọ fún yín pé òun ò rí ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ ní oṣù tó kọjá, ẹ sọ fún un kó wo ojú ìwé ti àtijọ́ kó tó pa á rẹ́.

Ẹni tí ẹ kò fi tó létí, tí ẹ kò sì jọ wà nínú gúrúùpù kankan, kò ní rí ohunkóhun. Yóò kàn ṣàkíyèsí lọ́jọ́ kan pé nọ́ńbà yín kò sí lára àwọn tó wà lórí WhatsApp mọ́, torí pé pípààrọ̀ nọ́ńbà máa ń pa àkáǹtì orí nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́.

Èyí tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù wá rèé. WhatsApp ní ètò tó jẹ́ kí èèyàn fi àwòrán rẹ̀, àkókò tó wọlé kẹ́yìn àti Status rẹ̀ han kìkì àwọn tó wà nínú ìwé nọ́ńbà rẹ̀. Ìwé nọ́ńbà tiyín kò yí padà, nítorí náà àwọn èèyàn yín ṣì ń rí àwòrán yín. Ṣùgbọ́n nínú ìwé nọ́ńbà tiwọn, nọ́ńbà àtijọ́ ni wọ́n mọ̀. Títí wọ́n á fi pa tuntun mọ́, àjèjì lẹ jẹ́ sí wọn. Àwòrán wọn lè pòórá lójú yín, Status wọn á dákẹ́, ẹ óò sì rò pé wọ́n ti dí yín lọ́nà. Wọn ò dí yín lọ́nà. Wọn ò tíì pa nọ́ńbà yín mọ́ ni. Status tiyín náà kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn, torí ó dìgbà tí ẹ̀yin méjèèjì bá ní nọ́ńbà ara yín kó tó hàn.

Àpẹẹrẹ aránṣọ kan

Ẹ jẹ́ ká mú aránṣọ kan tó ní oníbàárà 120 nínú ìkéde tí WhatsApp ń pè ní Broadcast, èyí tó fi ń kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí yóò sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó pààrọ̀ nọ́ńbà bó ṣe yẹ, ó ní kí WhatsApp fi tó àwọn tí òun bá sọ̀rọ̀ rí létí. Lọ́jọ́ kejì ó fi àwòrán aṣọ tuntun ránṣẹ́ sí ìkéde náà. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ohun tó ṣe é ni pé ọ̀rọ̀ orí Broadcast kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní nọ́ńbà ẹni tó fi ránṣẹ́ nínú ìwé nọ́ńbà rẹ̀. WhatsApp kì í sì kéde fún un pé kò dé. Bó bá fẹ́ mọ̀, kó fọwọ́ tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, kó yan Info. Ibẹ̀ ló ti máa rí àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wọn àti àwọn tó kà á. Ká sọ pé èèyàn 14 péré ló wà níbẹ̀. Àwọn 14 yẹn ló ti pa nọ́ńbà tuntun mọ́.

Kí ló máa ṣe sí 106 tó kù? Kó má ṣe tún ìkéde náà rán, kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn náà ni. Kó máa kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tí aṣọ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò ní nọ́ńbà rẹ̀ máa rí ibi tó ti lè dí i lọ́nà tàbí fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn lábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn. Nítorí náà, kí ìlà àkọ́kọ́ sọ ohun tí ẹlòmíràn kò lè mọ̀: “Ẹ káàsán mà, èmi aránṣọ yín ni. Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí ẹ ní kí n fi ọrùn rẹ̀ ṣe róbótó ti parí. Mo ti pààrọ̀ nọ́ńbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi pa èyí mọ́.” Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ tún dára ju ìwé lọ, torí oníbàárà á mọ ohùn rẹ̀. Tí kò bá sì kánjú, kó pín in sí bíi ọjọ́ mélòó kan, torí ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí ọ̀pọ̀ àjèjì lẹ́ẹ̀kan náà lè dà bí oníjìbìtì lójú WhatsApp.

Bí ó bá ní ìjápọ̀ tó fi ń pe oníbàárà wá sórí WhatsApp, nọ́ńbà wà nínú ìjápọ̀ yẹn, kò sì ní yí padà fúnra rẹ̀. Kó lọ tún un kọ níbi gbogbo tó bá ti gbé e sí:

```
https://wa.me/[kóòdù orílẹ̀-èdè][nọ́ńbà tuntun]
```

Kò ní sí àmì ìròpọ̀, òdo iwájú tàbí àlàfo nínú rẹ̀.

Bí fóònù náà bá tún ń yí padà

Ẹ má ṣe méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Orí fóònù àtijọ́ ni ẹ ti máa yí nọ́ńbà padà. Bí ó bá ti parí, ẹ ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ níbẹ̀ lábẹ́ nọ́ńbà tuntun. Ìgbà náà ni ẹ óò wá gbé WhatsApp sórí fóònù tuntun, kí ẹ fi nọ́ńbà tuntun wọlé, kí ẹ sì gbà nígbà tó bá bi yín pé ṣé kó dá àwọn ìtàkùrọ̀sọ padà. Lórí Android, àkáǹtì Google tí ẹ lò lórí ti àtijọ́ gbọ́dọ̀ wà lórí fóònù tuntun. Bí WhatsApp bá sọ pé òun ò rí ẹ̀dà kankan, ẹ má tẹ̀ síwájú, ẹ kọ́kọ́ wo àkáǹtì Google náà. Ẹ sì má tíì nu fóònù àtijọ́ títí ẹ óò fi rí ọ̀rọ̀ ọdún tó kọjá lórí tuntun pẹ̀lú ojú yín.

Bí síìmù àtijọ́ bá ti sọnù

Bí WhatsApp bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù yín pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn, ẹ ṣì lè lo Change number, torí nọ́ńbà tuntun ni kóòdù ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi falẹ̀. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù bá ta nọ́ńbà yẹn fún lè fi forúkọ sílẹ̀, kóòdù á sì dé ọwọ́ rẹ̀, WhatsApp á já lórí fóònù tiyín. Kò ní rí ọ̀rọ̀ tí ẹ ti sọ, torí inú fóònù yín ni ìyẹn wà, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn èèyàn bá ń kọ sí yín láti ìgbà náà, òun ló máa gbà á. Nígbà tí ẹ bá ti yí nọ́ńbà padà, àkáǹtì orí nọ́ńbà àtijọ́ á ti di píparẹ́, àkáǹtì òfìfo ni ẹni náà á sì bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ kò bá fẹ́ fi nọ́ńbà àtijọ́ sílẹ̀ pátápátá, Change number kọ́ ni ẹ ń wá. WhatsApp orí Android gbà kí àkáǹtì méjì wà lórí fóònù kan: ẹ lọ sí Settings, kí ẹ tẹ ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín, kí ẹ yan Add account. Àkáǹtì kejì á bẹ̀rẹ̀ lófìfo, ti àkọ́kọ́ á sì wà bó ṣe wà, pẹ̀lú gbogbo gúrúùpù àti ìtàkùrọ̀sọ inú rẹ̀.